Ìwúkàrà, békìn páúdà àti ọ̀rọ̀ "yan" lójú ewé kéèkì

Olùtumọ̀, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé oúnjẹ òyìnbó kan la ń tú sí Yorùbá, a sì ti dé ojú ewé kéèkì. Ṣé ìwúkàrà la máa pe yíìsì, békìn páúdà àti békìn sódà? Nínú ófìnì ńkọ́: ṣé ká kọ sè, dín, sun tàbí yan? "Pò" la kọ síbi gbogbo tí wọ́n ti ní kí a da nǹkan pọ̀.

Akọ́mọlédè, Iléṣà:
Ìwúkàrà ti wà nínú Bíbélì Yorùbá tipẹ́, kò sí ìdí tí a ó fi máa wá òmíràn. Ohun tó bá ti ń mú ìyẹ̀fun wú, ìwúkàrà ni. Ẹ pe sódà ní káún òyìnbó, nítorí iṣẹ́ kan náà ni òun àti káún ń ṣe.

Aṣekéèkì, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jẹ́ ká fi ìwúkàrà mọ sórí yíìsì. Yíìsì ní ẹ̀mí. Fúláwà gírámù 500 ń fẹ́ bíi gírámù 7 yíìsì gbígbẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́; bí omi náà bá gbóná jù, yíìsì á kú. Lẹ́yìn náà la ó bò ó fún bíi wákàtí kan kó lè wú. Békìn páúdà kò fẹ́ ìdúró. Bí nǹkan olómi bá ti kàn án ló ti ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, iná ló sì máa parí ìyókù. Tí ẹ bá pe méjèèjì ní ìwúkàrà, ẹni tó ti ṣe búrẹ́dì rí á bo kéèkì rẹ̀ fún wákàtí kan. Púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà á ti lọ kó tó wọ ófìnì. Tó bá gé e, inú rẹ̀ á ki, ìdí rẹ̀ á tutù, á sì lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ.

Ti káún, òótọ́ ni pé òun àti sódà jọ ń pa kíkan. Ṣùgbọ́n agbára káún kò dọ́gba láti òkúta kan sí òmíràn, ó sì ń korò. Ẹni tó bá ka "káún òyìnbó" lè lọ káún lúbúlúbú sínú kéèkì. Ẹ kọ "békìn sódà", kí ẹ sì fi kún un pé ó ń fẹ́ nǹkan kíkan bíi wàrà kíkan kó tó lè ṣiṣẹ́.

Ìyá Olóúnjẹ, Iléṣà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tú mọ́ínmọ́ín o! Ẹ jẹ́ kí òyìnbó kọ́ bí a ṣe ń pè é.

Olùtumọ̀:
Ẹ ṣé, Mà. Èdè òyìnbó la ń tú sí Yorùbá.

Ìyá Olóúnjẹ:
Háà, ó ti yé mi. Ẹ kọ "yan" nígbà náà. Sè ń fẹ́ omi, dín ń fẹ́ epo, ohun tí iná bá sì kàn fúnra rẹ̀ la máa ń sun, bí iṣu àti àgbàdo. Iná gbígbẹ ni ti yan.

Akọ́mọlédè:
Mo gbà nípa yíìsì. Ṣùgbọ́n ṣé békìn páúdà la ó máa wí títí láé? Mo dábàá "ẹ̀tù amúwú".

Aṣekéèkì:
Àgúnmu àti ìbọn ni ẹ̀tù máa mú wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, sà. Ẹni tó bá wá a dé Odò-Ògbè tàbí ọjà Atákúnmọ́sà, orúkọ tó wà lára agolo ló máa béèrè. Ẹ kọ békìn páúdà síbi èròjà.

"Pò" ló bà mí lẹ́rù jù. Fún kéèkì kan, bọ́tà gírámù 200 àti ṣúgà gírámù 200 la máa ń *lù*, bí a ṣe ń lu ẹ̀wà àkàrà kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, títí yóò fi funfun. Ẹyin mẹ́rin á wọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí fúláwà gírámù 200 àti ṣíbí kékeré méjì békìn páúdà bá wọlé, a ò gbọdọ̀ lù ú mọ́. Ṣe la máa fi ṣíbí *yí* i láti ìsàlẹ̀ wá sókè, jẹ́jẹ́, títí a ò fi ní rí fúláwà funfun mọ́. Tí a bá tún lù ú, fúláwà á máa fà, kéèkì á sì yi.

Olùtumọ̀:
A ó yí i padà. Ófìnì ńkọ́? Ṣé ká pè é ní ààrò?

Akọ́mọlédè:
Ààrò ni. Ó wà nínú Bíbélì.

Ìyá Olóúnjẹ:
Ààrò tèmi kò ní ilẹ̀kùn. Tí mo bá gbé kéèkì lé e, ìdí rẹ̀ á jó, orí rẹ̀ á sì wà ní tútù.

Aṣekéèkì:
Ẹ kọ "yan án nínú ófìnì tó ti gbóná dé 180°C". Fún ẹni tí kò ní ófìnì, ẹ kọ ọ́ pé kó da iyanrìn gbígbẹ sí ìdí ìkòkò ńlá, kó dé e, kó gbé e kaná fún bíi ìṣẹ́jú 15, kó tó gbé agolo kéèkì lé orí irin nínú rẹ̀. Iyanrìn náà la fi ń yan ẹ̀pà, nítorí náà "yan" bá a mu níbẹ̀ pẹ̀lú.

Akọ́mọlédè:
Mo gba yan. Lórí ààrò, n kò tíì gbà.