Ìlà tó kan gbogbo àmì: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Adérójú
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi x² àti x³ sínú dátà nígbà tí ìlà tààrà bá kọ̀ tí ò ṣiṣẹ́, ẹ wá sọ ìrírí yín. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa dán ajílẹ̀ wò lórí àgbàdo. Ìpele mẹ́fà ló lò, náítírójìn 0, 30, 60, 90, 120 àti 150 kílò lórí hẹ́kítà kan, pílọ́ọ̀tì mẹ́ta ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Áfíréèjì tó kórè: tọ́ọ̀nù 1.4, 2.3, 3.1, 3.3, 3.6, 3.4. Ẹ rí i pé ó ń gòkè, ó wá rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn 120. R² ló fi ń wo bí ìlà ṣe bá àmì mu tó, tó bá kan gbogbo wọn á jẹ́ 1. Ìlà tààrà fún un ní 0.80, inú ẹ̀ ò dùn. Ó fi x² sí i, ó di 0.993. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti dúró àbí? Ó ní lọ́jọ́ wo! Ó ń lọ títí ó fi dé x⁵, R² wá di 1 géérégé, ìlà gba orí àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọjá, kò yẹ ọ̀kan sílẹ̀. Ó gbé e wá sí mítìn, a pàtẹ́wọ́ fún un. Ni ọmọ kékeré kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa bá ní ẹ jọ̀ọ́ sà, tá a bá fi 180 kílò ńkọ́? Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní a máa kórè tọ́ọ̀nù -1.7.

Kọ́lá_Ìwó
😂😂 ẹ̀yin lẹ máa ru àgbàdo láti ilé lọ fún oko nìyẹn

Ọmọ Ṣakí
Mi ò gbà. R² tó pé 1 ò lè bọ́ sí òdì báyẹn, wọ́n ti tẹ nǹkan ṣì.

Bàbá Físíìsì
@Ọmọ Ṣakí wọn ò tẹ nǹkan ṣì rárá. Àmì mẹ́fà ló wà, ìlà x⁵ sì ní nọ́ńbà mẹ́fà tó lè yí bó ṣe wù ú. Kò sí bí ò ṣe ní kan gbogbo wọn. Tẹ́ ẹ bá kó nọ́ńbà tẹlifóònù mẹ́fà síbẹ̀ dípò àgbàdo, R² á ṣì jẹ́ 1. Tó o bá ní R lórí kọ̀ǹpútà ẹ, fi èyí síbẹ̀:

```r
x <- c(0,30,60,90,120,150)
y <- c(1.4,2.3,3.1,3.3,3.6,3.4)
m5 <- lm(y ~ poly(x,5))
predict(m5, data.frame(x=180))
```

Tó ò bá sì ní R, fọwọ́ ṣe é. Torí pé àlàfo àwọn ìpele yẹn dọ́gba, ohun tí ìlà náà máa sọ ní 180 ni 6×3.4 − 15×3.6 + 20×3.3 − 15×3.1 + 6×2.3 − 1.4.

Ọmọ Ṣakí
Mo ṣe é. -1.7 lóòótọ́. Ó ga o.
Àmọ́ ìyẹn torí pé ẹ jáde kọjá 150 ni. Tá a bá dúró sáàárín 0 sí 150, x⁵ ṣì dáa ju x² lọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó kúkú kan gbogbo àmì.

Títí lónìí
ẹ jọ̀ọ́ ṣé pólínómíà yìí náà ni wọ́n máa ń bi wá ní JAMB, èyí tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá riméńdà tẹ́ ẹ bá fi x-2 pín in? ọmọ mi ní ìdánwò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀

Kọ́lá_Ìwó
Òun náà ni mà, àmọ́ tiyín ò ní ajílẹ̀ nínú

Bàbá Físíìsì
@Ọmọ Ṣakí o ti mú ìdajì. Ká wò ó nínú ilé níbẹ̀, ká má jáde. Yọ 120 kílò kúrò bí ẹni pé wọn ò gbìn ín rí. Ó ku àmì márùn-ún, ìlà x⁴ á kan márààrún. Wá bi í pé kí ló rò pé a máa rí ní 120. Á ní 3.1. Ohun tá a kórè níbẹ̀ gan-an ni 3.6. Bi ìlà x² ní ìbéèrè kan náà lórí àmì márùn-ún kan náà, á ní 3.52. Ẹ sì wò ó, 90 àti 150 ṣì wà lọ́tùn-ún lósì ẹ̀, kò jáde síta rárá.
Yọ 0 náà wò. Èyí jẹ́ etí, ó le jù. x² ní 1.38, oko fún wa ní 1.4. x⁴ ní -1.1.
Ṣé o rí i báyìí, èyí tí R² ẹ̀ pé yẹn kíráàmù ni. Béèrè ohun tó wà nínú nóòtì ẹ̀, á kà á fún ẹ láìṣì. Béèrè ìbéèrè kan tí ò sí níbẹ̀, wàhálà dé.

Ọmọ Ṣakí
Ok mo gbọ́. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé ká ní dátà pọ̀, x⁵ ò ní ṣe báyẹn.

Ìyábọ̀ (Leeds)
Dátà tó pọ̀ ńbo? Èyí ṣe pàtàkì o, àwọn èèyàn ń fi tan ara wọn jẹ. Pílọ́ọ̀tì méjìdínlógún ni ọ̀gá yẹn ní, ẹnìkan á wá sọ pé ṣebí méjìdínlógún ju mẹ́fà lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìpele mẹ́fà náà ni wọ́n ṣì wà. Pílọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà ní 120 á jẹ́ kó o mọ bí ìkórè 120 ṣe ń yàtọ̀ láti pílọ́ọ̀tì kan sí èkejì, wọn ò lè sọ nǹkankan fún ẹ nípa 135. Ó tún burú sí i tó o bá fẹ́ dán an wò: tó o bá yọ pílọ́ọ̀tì kan ṣoṣo sílẹ̀, àwọn méjì tí wọ́n jọ gba ajílẹ̀ kan náà ṣì wà nínú, wọ́n á sọ ìdáhùn fún un. x⁵ á yege ìdánwò yẹn láìsí òógùn kankan. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kó o yọ pa pọ̀.
Dátà tó máa ran x⁵ lọ́wọ́ ni ìpele púpọ̀ sí i, 15, 45, 75 báyìí. Mi ò sì tíì rí ẹni tó ní owó ẹ̀.

Ayọ̀ Houston
Ẹ ò tíì rí nǹkan. Oṣù Karùn-ún 2020 nìyí, kòrónà ń pa wá ní Amẹ́ríkà, àwọn olùdámọ̀ràn ọrọ̀ ajé ààrẹ ní Wáìtì Háòsì gbé àwòrán kan sórí Túwítà, ìlà kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n kọ "cubic fit" sí lára. x³ ni o. Ìlà yẹn wálẹ̀ wẹ́ẹ́, ó ní nígbà tó bá fi máa di àárín oṣù yẹn, iye àwọn tó ń kú lójúmọ́ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo. Àárín oṣù dé, ó ṣì ń pa ju ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ lójúmọ́. Kí oṣù náà tó parí, àpapọ̀ àwọn tó kú ti kọjá 100,000. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ó wo àwòrán yẹn, ó ní ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀?

Ọmọ Ṣakí
Ẹ̀yin Amẹ́ríkà ẹ má gbé pólítíìkì wá síbí jọ̀ọ́

Ayọ̀ Houston
Pólítíìkì wo? x³ ni mo sọ. Ìlà x³ gbọ́dọ̀ lọ sí ibì kan tó bá ti tán lórí dátà, yálà ó fò lọ sókè tàbí ó já wálẹ̀. Àìsàn ò mọ x³.

Bàbá Físíìsì
Àwọn yẹn sọ pé ìlà yẹn kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀, pé wọ́n kàn fi ń jẹ́ kí dátà ṣeé wò ni.

Ayọ̀ Houston
Kí ló wá dé tí wọ́n fà á kọjá ibi tí dátà parí sí?

Ìyá Ẹlẹ́yin Òtà
Ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí. Mo ń kọ iye ẹyin tí adìyẹ mi ń yé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ ogún. Àbúrò mi ní kí n fi x² sí i torí ó ń gòkè ó sì ń wálẹ̀. Mo fi sí i nínú Ẹksẹ́ẹ̀lì àmọ́ ìlà yẹn ò jọ adìyẹ mi rárá, ó ní ìgbà tí wọ́n yé jù ti kọjá ogójì ọ̀sẹ̀ dáadáa, èmi sì mọ̀ pé nǹkan bí ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ ni. Mo wá gbé e lọ sí Order 6, ìyẹn x⁶, òun ló rẹwà jù, ìdí ẹ̀ kàn tún ń gbéra sókè, bí ẹni pé adìyẹ tó ti gbó máa tún padà di ọmọge.

Kọ́lá_Ìwó
Ẹ má tà wọ́n o mà, ẹ dúró dè wọ́n 😂

Délé Oníṣirò
Ẹksẹ́ẹ̀lì tún ní wàhálà tiẹ̀ tẹ́nìkan ò máa ń sọ. Ìṣírò tó ń kọ sára gíráàfù yẹn, ó máa ń gé nọ́ńbà ẹ̀ kù. Ẹni tó bá kọ ọdún síbẹ̀ bíi 2010, 2011, x³ ọdún yẹn ti kọjá bílíọ̀nù mẹ́jọ, tí nọ́ńbà tó ń sọ ọ́ di púpọ̀ bá wá fi díẹ̀ kù, ìdáhùn ẹ bọ́ sí ìgbẹ́ nìyẹn. Oníbàárà mi kan da nọ́ńbà yẹn kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ̀, títà ọdún tó ń bọ̀ wá di nǹkan tí gbogbo Nàìjíríà ò lè rà tán. Ẹ ka ọdún látorí 1, 2, 3, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí désímà pọ̀ lára ìṣírò yẹn.

Àgbẹ̀ Ìlọrà
Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Àpò yúríà kan, kílò 50, náítírójìn 23 ló wà nínú ẹ̀. 120 yín yẹn jẹ́ àpò márùn-ún ó lé díẹ̀ lórí hẹ́kítà kan. Ta ló ń ra ìyẹn? Ìyá ìyàwó yín?

Ìyábọ̀ (Leeds)
Bàbá òtítọ́ lẹ sọ. Ìlà x² ti ọ̀gá yẹn ni 1.396 + 0.03575x − 0.0001488x², 120 sì ni góńgó ẹ̀, àmọ́ góńgó ìkórè ni, kì í ṣe góńgó owó. Ká ní kílò náítírójìn kan ń gba owó kílò àgbàdo márùn-ún, ibi tẹ́ ẹ ti máa dúró ni ibi tí kílò tó gbẹ̀yìn ti ń san márùn-ún padà, ìyẹn sún mọ́ 103. Tí ajílẹ̀ bá tún wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tún wálẹ̀.
x² náà ò sì mọ́ o. Ìlà yẹn kan náà ló ń sọ pé tẹ́ ẹ bá fi 275 kílò, ẹ ò ní rí nǹkankan kórè. Àgbàdo kì í ṣe báyẹn, ó kàn máa ń dúró sójú kan ni tó bá yó. Cerrato àti Blackmer wò ó ní Iowa lọ́dún 1990: oríṣi ìlà márùn-ún, R² wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àmọ́ iye ajílẹ̀ tí oníkálukú ní kí àgbẹ̀ rà yàtọ̀ síra gan-an, x² sì máa ń sọ ọ́ di púpọ̀ jù. Èyí tó gòkè tó sì tẹ́jú ló bá oko mu jù.

Àgbẹ̀ Ìlọrà
Kò tíì yé mi o. Ní tèmi tí mo bá fi pọ̀ jù ó máa ń ṣubú lóòótọ́, ewé á pọ̀, atẹ́gùn á dà á wó.

Ìyábọ̀ (Leeds)
Èyí tó dà wó yẹn wà lóòótọ́. Ó kù sọ́wọ́ ìpele tẹ́ ẹ bá gbìn kọjá 150.

Bàbá Físíìsì
@Ìyá Ẹlẹ́yin ẹ má bínú, a ti gbàgbé yín. Apá ọ̀tún x² jọ apá òsì ẹ̀ ni, adìyẹ sì máa ń gòkè kíákíá, á wá máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gbé góńgó yín lọ síwájú. Wood lo èyí fún wàrà màlúù lọ́dún 1967, ó sì bá ẹyin mu: y = a t^b e^(−ct). y ni iye ẹyin, t ni ọ̀sẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta péré ló ní tẹ́ ẹ máa wá, a, b àti c, Order 6 ní méje.

Ìyá Ẹlẹ́yin Òtà
Ẹ ṣé sà. Ṣé ó wà nínú Ẹksẹ́ẹ̀lì?

Bàbá Físíìsì
Kò sí lára gíráàfù. Ẹ fi ln(y) sí kọ́lọ́ọ̀mù kan, ln(t) sí èkejì, t fúnra ẹ̀ sí ẹ̀kẹta, kẹ́ ẹ lo LINEST. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ yé ni kẹ́ ẹ pè ní 1, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí 0 torí ln máa kọ̀ ọ́.