Ìrántí mẹ́ta lórí owó iṣẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá: báwo lẹ ṣe kọ tiyín?

Àdùkẹ́ Aránṣọ, Ògo-Olúwa

Ilé-ìwé aládàáni kan níbí ní Òṣogbo ni mo rán aṣọ fún. ₦480,000 ni gbogbo iṣẹ́. Wọ́n san ìdajì sílẹ̀, ìdajì tó kù ló di wàhálà. Àdéhùn wa ni pé kí wọ́n san án ní 20 oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó gba aṣọ lọ́wọ́ mi ti buwọ́ lu ìwé.

Ní 23 oṣù náà mo kọ sí mà tó ni ilé-ìwé lórí Wásáàpù: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìnfọ́ìsì 041, ₦240,000, ọjọ́ rẹ̀ pé ní 20 oṣù yìí. Mo tún fi í ránṣẹ́, bóyá kò tíì dé ọwọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti dé?"

Mi ò dárúkọ owó ilé tàbí owó ilé-ìwé ọmọ. Tí a bá ti gbé bùkátà wa sí i, owó iṣẹ́ á di ọrẹ-àánú lójú wọn. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn sì níṣẹ́ tó ń ṣe, torí ẹni tó bá ti dáhùn pé "ó ti dé" kò lè sọ lọ́la pé òun ò rí i. Wọ́n fèsì pé: "Ó ti dé, a máa ṣe é." A máa ṣe é, kò sí ọjọ́.

Ní 2 oṣù Kẹwàá, mo fi ímeèlì ránṣẹ́, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí akáńtáǹtì wọn: "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ ní ìnfọ́ìsì 041 ti dé. Ó ti fi ọjọ́ méjìlá kọjá báyìí. Ọjọ́ wo ni kí n máa retí owó náà? Bí nǹkan kan bá wà nínú aṣọ tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí." Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá le tán ni àwọn kan máa ń rántí pé bọ́tìnnì já. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè sọ ọ́.

Akáńtáǹtì ló fèsì. Inú fóònù mà ni ìnfọ́ìsì náà ṣì wà, kò dé tábìlì tirẹ̀ rí! Ó ní kí n mú ìwé gidi wá, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n buwọ́ lù. Ó fún mi ní ọjọ́ kẹwàá. Ọjọ́ náà lọ.

Ẹ̀kẹta, lẹ́tà ni, ẹ̀dà méjì. Mo gbé e lọ fúnra mi ní 13 oṣù Kẹwàá, wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tèmi, wọ́n kọ déètì sí i. Ìkíni ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ti tán: "Èyí ni ìrántí ìkẹyìn. Bí ₦240,000 kò bá wọlé títí 20 oṣù yìí, n kò ní gé aṣọ tuntun tí ẹ béèrè, lọ́yà ni yóò sì máa bá yín sọ ọ́."

₦150,000 wọlé. Ó ku ₦90,000. Ṣé kí n gé aṣọ tuntun yẹn?

Mọ́ṣúùdù Atẹ̀wé, Ìgbóǹà

Ìrántí mẹ́ta ti pọ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀kan lèmi ń kọ, kejì ọlọ́pàá ni. Mo sì máa ń fi èlé sí i lóṣooṣù.

Ìyá Ìbejì

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ẹni tó kó àjọ wa ò dá a mọ́, ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni. Irú lẹ́tà wo ni kí n kọ sí i?

Lọ́yà Alẹ́kúwodò

Ẹ̀gbọ́n Mọ́ṣúùdù, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí pé ó kàn yẹ àdéhùn. Ẹ má fi ohun tí ẹ kò lè ṣe halẹ̀ nínú lẹ́tà. Èlé náà, bí kò bá sí nínú àdéhùn ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣòro láti gbà á.

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kọ ríṣíìtì lónìí: "₦150,000 wọlé lórí ìnfọ́ìsì 041, ó ku ₦90,000." Ẹ fi ránṣẹ́ sí mà àti akáńtáǹtì. Bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n lè ní ẹ ti fi ìyókù jì wọ́n. Ẹ ti kọ ọ́ pé ẹ ò ní gé aṣọ, ẹ má gé e.

Ìyá Ìbejì, ti àjọ yàtọ̀. Ṣé ẹ ní ìwé tí orúkọ yín wà?

Ìyá Ìbejì

Ẹnu la fi ṣe é.

Mọ́ṣúùdù Atẹ̀wé, Ìgbóǹà

Mo gbọ́, lọ́yà. Ṣùgbọ́n owó tí lọ́yà máa gbà ńkọ́, ṣé kò ní jẹ ₦90,000 yẹn tán?

Àdùkẹ́ Aránṣọ, Ògo-Olúwa

Ríṣíìtì ti lọ. Akáńtáǹtì ní Fúráìdeè. Aṣọ tuntun wà nínú báàgì, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.