Ẹ̀yin tí ìyá yín ní ohun tó ń yọ lójú ara, kí lẹ ṣe sí i?

Ọmọ Alélùbọ́:
Ẹ kú àárọ̀ o. Ìyá mi ti lé ní ẹni 70 ọdún, ọmọ méje ni wọ́n bí, èlùbọ́ ni wọ́n sì ń tà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé abẹ́ àwọn ń wúwo, pé nǹkan ń fà wálẹ̀. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kò sí wàhálà. Ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti dúró pẹ́ nísọ̀, ló máa ń le. Ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀ ni ọwọ́ wọn ti kan nǹkan rírọ̀ lẹ́nu ojú ara. Ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, àfi ìgbà tó di pé wọ́n ń fi ìka tì í padà kí ìtọ̀ tó lè jáde.

Dókítà ní kí wọ́n wúkọ́, kí wọ́n sì fún ara wọn mọ́lẹ̀, kó lè rí ibi tó ń sọ̀kalẹ̀ dé. Ó ní ilé ọmọ ló ń bọ̀ nílẹ̀, ó sì ti fa àpò ìtọ̀ mọ́ra. Yálà kí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Màmá ní ọ̀bẹ ò ní kan àwọn. Ta ló mọ̀ nípa rọ́bà yìí?

Ìyá Wálé:
Jẹ̀díjẹ̀dí nìyẹn! Tèmi náà máa ń yọ tí mo bá ń yàgbẹ́. Ẹ fún wọn ní àgbo, kí wọ́n yé jẹ nǹkan dídùn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ìyá Wálé, tiyín ń yọ nídìí, tàwọn ń yọ níwájú. Àgbo tó ń ṣí inú gan-an lè dá kún tàwọn, torí gbogbo ìgbà tí èèyàn bá ń fún ara ló ń tì í wálẹ̀.

Ọmọ Alélùbọ́, rọ́bà yẹn rí roboto bí òrùka, ó máa ń tẹ̀. Wọ́n á wọn inú màmá, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pọ̀ wọlé, yóò sì là padà síbi tó ti máa gbé ilé ọmọ dúró. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kúrò níbẹ̀ láìdìde rìn, kí wọ́n lóṣòó, kí wọ́n wúkọ́, kí wọ́n sì tọ̀. Bó bá já bọ́, ó kéré. Bó bá ń dùn wọ́n tàbí tí ìtọ̀ kọ̀, ó tóbi jù. Tó bá bá wọn mu, kò yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Peckham:
Kí ni wọ́n ń wá lọ sídìí rọ́bà? Èmi, eré ìdárayá ni wọ́n kọ́ mi níbí. Màá fún ojú ara pọ̀ bí ẹni tó ń mú ìsó mọ́ra, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Láàárín oṣù mẹ́rin, ìwúwo náà lọ. Ìyẹn nìkan ló ń wò ó.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ó ṣiṣẹ́ fún ẹ torí tìrẹ ò tíì jáde. Èyí tó ti yọ síta, eré lè dín ìwúwo rẹ̀ kù, kò ní dá a padà. Kí màmá ṣáà máa ṣe é mọ́ rọ́bà.

Ìyàwó Ilé Kejì:
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí i o! Ìyá ọkọ mi fi sí i kó lè fún, gbogbo ibẹ̀ bó yánnayànna. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gba ojú ara yọ ilé ọmọ, wọ́n sì rán ògiri iwájú. Wọn ò gbé nǹkan wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ara tù wọ́n gan-an, àmọ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ògiri ẹ̀yìn náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ṣé a ò bá ti fi rọ́bà bẹ̀rẹ̀ ni? Èmi ò mọ̀.

Ọmọ Alélùbọ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n ti fi rọ́bà náà sí i. Àkọ́kọ́ já bọ́ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ torí ìgbẹ́ gbígbẹ, wọ́n sì fi èyí tó tóbi díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Màmá ń tọ̀ dáadáa, wọn ò fi ìka tì í mọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ti sín báyìí, ìtọ̀ á jò! Kò ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Kì í ṣe rọ́bà ló fà á. Àpò ìtọ̀ tó ti sọ̀kalẹ̀ ló ká ojú ọ̀nà ìtọ̀ kò tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kó jò. Ọ̀nà náà ti nà báyìí, àìlágbára tó ti wà níbẹ̀ wá hàn. Ẹ sọ fún dókítà, rọ́bà mìíràn wà tó ní kókó tó ń ti ibẹ̀. Kí wọ́n sì máa padà lọ yọ ọ́ fọ̀ ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ tàbí tí ó ń rùn, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ àdéhùn.

Ọmọ Alélùbọ́:
A ń lọ lọ́jọ́ Ajé. Àpò èlùbọ́ ló kù tá a ń jà lé lórí. Wọ́n ní àwọn ò ní san owó alábàárù.