Kí ni ká pe «píìṣì» fíìmù àwòrán níwájú àwọn olówó?

Ògbufọ̀, Ìbàdàn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Ayàwòrán kan fẹ́ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú àwọn oníṣòwò, kí wọ́n lè fowó sí fíìmù animéṣọ̀n gígùn kan, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi àwòrán yíyà ṣe. Ọ̀rọ̀ sísọ yẹn ni wọ́n ń pè ní píìṣì. Yorùbá ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Mo kọ «ìpolówó» fún píìṣì, «àwòrán ẹ̀fẹ̀» fún animéṣọ̀n, «èrè» fún owó tí wọ́n máa rí gbà. Ṣé ó tọ̀nà?

Olùkọ́ èdè, Ọ̀yọ́:

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ túmọ̀ píìṣì sí ìpolówó. Gíga àti sísàlẹ̀ ohùn ni píìṣì. «Ìròkè-ìrodò» ni mo máa ń lò. Bóyá wọ́n fẹ́ dán ohùn àwọn òṣèré wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, «ìdánwò ohùn» tó.

Ayàwòrán, Èkó:

Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Ti àwọn onímọ̀ ìró èdè ni ìyẹn, ó yàtọ̀ sí èyí. Níbí, ẹnì kan dìde, ó sọ fíìmù tí kò tíì sí fún ẹni tó lówó, ó sì béèrè iye kan pàtó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni «ìpolówó» ti kùnà. Ẹni tó ń polówó ti gbé ọjà lérí. Àgbàdo ti jinná kó tó ké «láńgbé jinná o». Ẹni tó bá gbọ́ á tẹ̀ ẹ́ wò, á sanwó, á máa lọ. Ẹni tó ń gbọ́ píìṣì kò rí àgbàdo kankan. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ sí ni kó bá wọn ra irúgbìn, kó sì dúró di ìkórè. Bí ẹ bá pè é ní ìpolówó, ẹni tó máa sọ ọ́ á máa yin fíìmù náà bí ẹni ń yin ọjà, pé ó rẹwà, pé kò sí irú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin á ti kọjá, kò ní tíì dárúkọ iye tó ń wá.

Ọ̀rọ̀ tó bá a mu ti wà nílẹ̀ tipẹ́: «fi lọ̀». Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ a máa fi í lọ àwọn ará ilé rẹ̀ kó tó fi lọ àlejò. Nígbà tí a bá sì fi nǹkan lọ ènìyàn, èsì là ń retí: ó gbà, kò gbà, tàbí ó ní ká dín in kù. Nítorí náà, «ìfàbálọ̀» ni èmi fara mọ́.

Olùkọ́ èdè, Ọ̀yọ́:

Ọ̀rọ̀ yín ti yé mi wàyí, ẹ ṣeun. Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ kò sọ pé «ìfilọ̀», torí ìkéde ni etí ìgbàlódé gbà á sí. «Àrọwà» ńkọ́? Ẹni tó ń pàrọwà ń yí ọkàn ènìyàn padà.

Ayàwòrán, Èkó:

Sà, ẹni tí inú ń bí là ń pàrọwà fún, tàbí ẹni tó ti kọ̀. Olówó yìí kò tíì kọ̀. Bí ẹ bá fi àrọwà bẹ̀rẹ̀, ohùn ẹ̀bẹ̀ ló máa gbé jáde, ẹni tí wọ́n sì ń bẹ̀ á rò pé àánú ni wọ́n ní kí òun ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi bí ìṣẹ́jú márùn-ún náà ṣe ń lọ hàn yín, torí ibẹ̀ la ti máa mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ká ní ìtàn náà nìyí: «Ní Ìpetumodù, ọmọ ọdún 11 kan mọ ìkòkò tí kì í purọ́. Lọ́jọ́ tí ìkòkò náà dárúkọ bàbá rẹ̀ pé òun ló jí owó ìlú, ọmọ náà gbọ́dọ̀ yàn: kó fọ́ ọ, tàbí kó gbé e lọ sí ààfin.» Èyí kò gbà ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ. Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: ọmọ, ìlú, ìṣòro, yíyàn. Ẹnu olówó lè gbé e délé kó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ láì gbàgbé nǹkan kan.

Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tó tẹ̀ lé e ni kí wọ́n fi sọ ìtàn náà débi òpin rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn bó ṣe parí. Ọ̀pọ̀ ń fi òpin pamọ́ bí ẹni ń pa àlọ́ tí kò fẹ́ já, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fowó sí i kì í ṣe òǹwòran. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ mọ ibi tí ẹ ń lọ. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú kan fún àwòrán mẹ́ta: ọmọ náà, ìkòkò náà, ìlú náà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dáhùn ìbéèrè tó máa wà lọ́kàn gbogbo wọn, pé kí ló dé tí ẹ kò fi ènìyàn ṣe é. Ìdáhùn rèé: amọ̀ ìkòkò náà ń yí padà di ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ìtàn kò bá ní irú ìdí bẹ́ẹ̀, olówó á ní kí ẹ lọ fi òṣèré àti kámẹ́rà ṣe é, kó yá kíákíá.

Ìṣẹ́jú méjì tó kù jẹ́ ti àkókò àti owó. Ibí yìí ni ìfàbálọ̀ ti yàtọ̀ sí ìtàn sísọ. Kí wọ́n sì fi aago kà á sókè nílé: bí ó bá gba ìṣẹ́jú 5 gééré nínú yàrá, yóò kọjá 5 níwájú èèyàn, torí ẹ̀rín wà, àwòrán á pẹ́ kó tó yọ, ẹnu á sì gbẹ. Ìṣẹ́jú 4 àti ààbọ̀ ló tọ́.

Ẹni tó ń gbé London:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà ń kọ tèmi sí àjọ kan tó ń ṣèrànwọ́ fún iṣẹ́ ọnà, fíìmù ìṣẹ́jú 11 ni, wọn kò sì ní gba owó náà padà. Ṣé ìfàbálọ̀ náà ni? Ní ti animéṣọ̀n, kí ló dé tí a kò pè é ní «eré àgbéléwò alàwòrán»?

Ayàwòrán, Èkó:

Ẹ̀gbọ́n, «àgbéléwò» ti sọ ibi tí wọ́n ti ń wò ó: ilé. Ìgbà fídíò ló ti wá. Bí fíìmù yìí bá ń lọ sí sinimá, olówó tó gbọ́ àgbéléwò á máa ro ti káséètì àti díìsìkì, ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé níbẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. «Àwòrán ẹ̀fẹ̀» náà kò dára. Èyí tó wà nínú ìwé ìròyìn ni, kì í mira, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ pé ká rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ di olè kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Mo dá «àwòrán abẹ̀mí» lábàá. Ẹ̀mí ni iṣẹ́ náà ń fi sínú àwòrán, iṣẹ́ yẹn ló sì ń jẹ owó. Fíìmù ìṣẹ́jú 80 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 4,800. Férémù 24, ìyẹn àwòrán dídúró 24, ló ń kọjá nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó ń fọwọ́ yà á sábà máa ń lo àwòrán kan fún férémù méjì, ó wá ku 12, síbẹ̀ àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwòrán 57,600. Ká ní ayàwòrán kan ń parí ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ 12. Ìṣẹ́jú kan lọ́sẹ̀ nìyẹn. Gbólóhùn kan tó fún olówó: «Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú kan; ọ̀sẹ̀ 80.» Ìrìn àwòrán nìkan nìyẹn o. Ohùn àwọn òṣèré ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ṣáájú, torí ohùn ni ẹnu tí wọ́n ń yà máa tẹ̀ lé.

Olùkọ́ èdè, Ọ̀yọ́:

Mo gba ìfàbálọ̀, títí kan ti ẹni London: àbá náà ló fi lọ̀ wọ́n, bí owó kò bá tiẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n «abẹ̀mí» ń kọ mí lóminú. Àgbà tó bá gbọ́ àwòrán abẹ̀mí nínú ọ̀rọ̀ ìkòkò tó ń sọ̀rọ̀, iwin ló máa rò. «Àwòrán arìn» ni èmi yóò kọ.

Oníṣirò owó, Abẹ́òkúta:

Ẹ dákun, kí ẹ tó parí, «èrè» ni kí ẹ mójú tó. Ó lè fa ìjà.

Owó mẹ́rin ló wà níbẹ̀: owó tó wọlé, ojú owó, èrè àti èlé. Ká ní àwọn oníṣòwò náà dá mílíọ̀nù 120 náírà, òun sì ni gbogbo owó fíìmù náà. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà jẹ́ mílíọ̀nù 400. Ká ní àdéhùn wọn ni pé ìdajì jẹ́ ti àwọn sinimá: ó ku 200. Ẹni tó ń pín fíìmù kiri mú ìdá márùn-ún rẹ̀, 40: ó ku 160. Pọ́sítà àti rédíò gba 20: ó ku 140. Ojú owó, 120, padà sọ́wọ́ àwọn tó dá a. Mílíọ̀nù 20 péré ni èrè. Bí wọ́n bá pín in lọ́gbọọgba pẹ̀lú ẹni tó ṣe fíìmù, 10 ni tiwọn.

Ẹ wá wò ó bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ 300. Ìdajì 150, ẹni tó ń pín in 30, ìkéde 20: ó ku 100. Ojú owó gan-an kò pé, ó dín 20, èrè kò sì sí rárá. Ẹni tó bá sọ pé «mílíọ̀nù 300 ni èrè» ti ṣèlérí ohun tí kò sí.

Èlé ló léwu jù. Etí ẹni tó ń yáni lówó ní ọjà tàbí nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ mọ èlé dáadáa: ó gbọ́dọ̀ wọlé, bóyá ọjà tà tàbí kò tà. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá yọ lẹ́nu yín lẹ́ẹ̀kan, gbèsè lẹ jẹ lójú tiwọn. Ẹ sọ «ìpín nínú èrè».

Ògbufọ̀, Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yí i padà sí ìfàbálọ̀. Àwòrán abẹ̀mí tàbí arìn, màá fi méjèèjì lọ ayàwòrán tó fẹ́ sọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn rèé:

«Mílíọ̀nù 120 náírà là ń wá, ní ìdá mẹ́ta, bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ sí. Nígbà tí fíìmù bá jáde, ojú owó yín ni yóò kọ́kọ́ padà sí yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ó gba ìdajì èrè. Kí ni èsì yín?»

Oníṣirò owó, Abẹ́òkúta:

Ẹ ṣe àtúnṣe kan. «Yóò kọ́kọ́ padà» ti di ìlérí. Ẹ kọ ọ́ báyìí: «Lẹ́yìn tí sinimá, ẹni tó ń pín in àti ìkéde bá ti mú tiwọn, owó tó bá kù, ojú owó yín la ó kọ́kọ́ fi san. Bí kò bá pé, a ó jọ pàdánù ni.» Kí ó sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn jẹ́ẹ́jẹ́, kó dúró díẹ̀, kó tó béèrè èsì.