Fèrèsé mẹ́rin, yàrá mẹ́ta

Ọmọ Òṣómàáló: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Wọ́n fẹ́ ta ilé bàbá bàbá mi ní Iléṣà, wọ́n ní kí n lọ kó ẹrù tó kù. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni, owó òṣómàáló ni bàbá fi kọ́ ọ. Mo dúró níta, mo ń ya fọ́tò, mo ka fèrèsé òkè lọ́wọ́ òsì: mẹ́rin. Mo gun òkè, yàrá mẹ́ta ló wà. Mo tún sọ̀ kalẹ̀ lọ kà á. Mẹ́rin náà ni.

Mo yá téèpù lọ́wọ́ káfíńtà àdúgbò. Níta, ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 48. Nínú, yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 11, ògiri kọ̀ọ̀kan sì nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, 39 ni mo rí. Níbo ni 9 yòókù wọlé sí?

Kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan wà ní yàrá ìkẹyìn. A sún un. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ti sán lẹ́yìn ẹ̀, ìlà náà gòkè, ó yà, ó tún sọ̀ kalẹ̀, àfi bíi pé ọmọdé ló ya ilẹ̀kùn síbẹ̀. Mo fi ìka kàn án: ko, ko, ko. Ibi tó kù ń dún gbì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa fọwọ́ síwèé. Ṣé kí n fọ́ ọ?

Ìyá Dúró: Má fọ́ nǹkan kan! Ojú oórì ni. Nílé tiwa, inú yàrá la sin bàbá sí, wọ́n sì dí i pa.

Ọmọ Òṣómàáló: Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo wí, mà.

Ìyá Dúró: Háà. Mo ti sáré kà á.

Bíríkìlà Àgbà: Ilẹ̀kùn ni, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí i. Amọ̀ àti búlọ́ọ̀kù kì í lẹ̀ mọ́ra, bó ti wù kí wọ́n rẹ́ ẹ tó, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé ló máa sán. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ o. Pákó ni wọ́n máa ń gbé sórí ẹnu ọ̀nà láyé ìgbà yẹn kó lè gbé amọ̀ tó wà lókè ró. Tí ikán bá ti jẹ ẹ́, búlọ́ọ̀kù yẹn ló ń gbé ògiri báyìí. Ẹ fi igi méjì ti òkè ẹ̀ kẹ́ẹ tó yọ ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà: Èmi ò bá ti ògiri lọ. Ta ló ń tà á? Bó bá jẹ́ ilé ẹbí ni, tí olórí ẹbí ò bá sí níbẹ̀, títà ẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Tó bá sì jẹ́ òun nìkan ló tà á láìbá àwọn àgbà ẹbí sọ ọ́, wọ́n lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e.

Aláàjà: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ṣé wọ́n máa ta àwọn pákó àjà ẹ̀ lọ́tọ̀?

Ọmọ Òṣómàáló: A ti wọlé! Pákó òkè ẹnu ọ̀nà ti di ìyẹ̀fun, ọpẹ́lọpẹ́ yín, Bíríkìlà. Yàrá tóóró ni, ẹsẹ̀ bàtà méje ààbọ̀. Ìdì aṣọ ló kún ibẹ̀, ikán ti jẹ ẹ́ tán, àfi àpótí páànù kan. Ìwé gbèsè ló wà nínú ẹ̀, láti 1958: Ọ̀fà, Ìkìrun, Kàbà, pọ́n-ùn àti sílè. Àkàbà kan tún wà tó gun inú àjà lọ. Lókè yẹn, ẹní, àtùpà, àwo kan. Ẹnìkan gbé ibẹ̀.

Ọmọ Ìgbà Wẹ́tíẹ̀: 1965 nìyẹn! Ibẹ̀ ni wọ́n sá pamọ́ sí.

Ọmọ Òṣómàáló: Mo rò bẹ́ẹ̀ náà, àmọ́ ìwé ìròyìn tó wà lábẹ́ ẹní, 1971 ló wà lára ẹ̀. Mo pe àǹtí bàbá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní, “Ṣé ẹ ti rí i,” wọ́n sì já fóònù. Bọ̀ọ̀dá bàbá mi ní kí n tún dí i kó tó di Àbámẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà: Kó ìwé yẹn kúrò níbẹ̀ lónìí. Ilé ni wọ́n ń tà, wọn ò ta ẹrù.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀fà kẹ̀? Ìyá ìyá mi ń dín àkàrà níbi Ìdíkọ̀ Rélùwéè nígbà yẹn. Jọ̀wọ́, bá mi wò ó.

Ọmọ Òṣómàáló: Mo rí “Ìyá alákàrà, ìdí rélùwéè. Àdìrẹ méjì. Sílè 14.” Wọn ò fagi lé e.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ má wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi o.