Tẹ́ẹ̀sì tó ń fẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún: ẹ wá sọ bí ẹ ṣe mú tiyín

Adékóòdù
Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹni tó bá ti bá réèsì jìjàkadì rí, èyí tó ń fara pamọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá sọ bí ẹ ṣe rí i mú. Èmi á kọ́kọ́ sọ tèmi, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi gba oorun lójú mi.

Kóòdù Go ni, ó ń ka iye ọjà tó kù nínú sítọ́ọ̀. Ọjà 10 ló wà ńbẹ̀, tẹ́ẹ̀sì náà á tú gòrútìnì 50 sílẹ̀ pa pọ̀, kálukú á fẹ́ mú ẹyọ kan, tí gbogbo wọn bá ṣe tán ó yẹ kó ku òdo. Lọ́pọ̀ ìgbà òdo náà ló ń kù. Ìgbà tó bá wù ú ni mo máa ń rí `got -1, want 0`, tí a bá sì tún un tẹ̀ ó ti páàsì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tún un tẹ̀ tí kálukú ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ títí ó fi sú mi pátápátá.

Kóòdù náà rèé:

```go
func (s *Store) Take() bool {
	if s.Count() > 0 {
		s.Dec()
		return true
	}
	return false
}
```

`Count` gba lọ́ọ̀kù kó tó kà, `Dec` náà gba lọ́ọ̀kù kó tó yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń búra pé ibẹ̀ ò lè jẹ́ ibi tí ìṣòro wà, mo wá lọ ń wo gbogbo ibòmíì.

Ọmọ Jáfà
Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe? Ẹ kàn fi `-race` sí i, ó máa tọ́ka sí láìnì náà fún yín lójú ẹsẹ̀. Èmi kì í dara mi láàmú mọ́.

Adékóòdù
@Ọmọ Jáfà, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nìyẹn:

```
go test -run TestTake -count=1000 -race
```

Kò sí `WARNING: DATA RACE` kankan, ó sì tún fẹ́ẹ̀lì nígbà mẹ́rin nínú 1000 yẹn. Ìyẹn gan-an ló wá jẹ́ kí n rò pé tẹ́ẹ̀sì náà ló burú, kì í ṣe kóòdù.

Bàbá Lọ́ọ̀kù
Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ o, ẹ má bá `-race` jà. Ohun tó ń wò ni bóyá gòrútìnì méjì fọwọ́ kan ibì kan náà, tí ọ̀kan nínú wọn ń kọ nǹkan síbẹ̀, tí kò sì sí lọ́ọ̀kù tàbí nǹkan míì tó to èwo ló ṣíwájú. Ní ti Adékóòdù, gbogbo ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án ni wọ́n mú lọ́ọ̀kù dání, nítorí náà kò sí ẹ̀sùn tó lè kà sí wọn lọ́rùn. Àárín ìgbà méjèèjì ni ìṣòro wà: wọ́n wò ó, wọ́n fi lọ́ọ̀kù sílẹ̀, wọ́n tún wá gba lọ́ọ̀kù láti yọ ọ́. Ẹlòmíì ti lè wọlé láàárín. Ohun tí ẹ rí nígbà tí ẹ wò ti lè má jẹ́ òótọ́ mọ́ nígbà tí ẹ fẹ́ yọ.

Ìdí tó fi ṣọ̀wọ́n nìyí náà. Tí ọjà bá ṣì ku 8, kí àwọn méjì wọlé pa pọ̀ ò ba nǹkan kan jẹ́, méjèèjì lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti ku ẹyọ kan ṣoṣo, tí àwọn méjì sì rí i kí ẹnikẹ́ni tó yọ ọ́, ibẹ̀ ló ti ń di -1. Nínú gbogbo eré tí tẹ́ẹ̀sì yẹn ń sá, ìgbà tí ọjà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni ewu wà jù.

Tèmi Yàtọ̀
Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wa! Tiwa máa ń fẹ́ẹ̀lì tẹ́nì kan bá rọ́ọ̀nù ẹ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá òru. A fi lọ́ọ̀kù síbi gbogbo, kò gbọ́. Nígbà tó yá la rí i pé tẹ́ẹ̀sì ń mú déètì lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, ọjọ́ ti yí padà láàárín.

Àǹtí Tẹ́sítà
@Tèmi Yàtọ̀, ìyẹn kì í ṣe réèsì láàárín gòrútìnì, ẹ̀yin àti aago lẹ jọ ń ṣe é. Bí èmi ṣe máa ń kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé mo máa ń rọ́ọ̀nù ẹ̀ lórí kọ́ọ̀ kan, kí n tún rọ́ọ̀nù ẹ̀ lórí mẹ́jọ:

```
go test -run TestTake -count=1000 -cpu=1,8
```

Tí iye tó fẹ́ẹ̀lì bá yàtọ̀ gan-an, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sáré pa pọ̀ ni. Tó bá jẹ́ bákan náà ni, màá lọ wo aago, màá wo fáìlì tí tẹ́ẹ̀sì míì fi sílẹ̀, màá wo bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn.

Adékóòdù
Àǹtí, ẹ ṣé o, ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Lórí kọ́ọ̀ kan, 0 nínú 1000. Lórí mẹ́jọ, 11 nínú 1000. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà nínú ọkàn mi pé réèsì ni.

Bàbá Lọ́ọ̀kù
Ó dáa, ṣùgbọ́n òdo lórí kọ́ọ̀ kan ò sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ o. Láti Go 1.14 ni wọ́n ti lè dá gòrútìnì dúró láàárín iṣẹ́ kí wọ́n gbé ẹlòmíì sórí ẹ̀. Ó kàn ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Ọmọ Jáfà
Kí ló dé tẹ́ ò fi púríǹtì sí i? Èmi máa ń fi púríǹtì síbi gbogbo, màá kà á látòkè délẹ̀.

Adékóòdù
Mo fi sí i! Mo fi `fmt.Println` sáàárín `Count` àti `Dec`, mo rọ́ọ̀nù ẹ̀ nígbà 2000, kò fẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan. Mo yọ ọ́ kúrò, ó padà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Bàbá Lọ́ọ̀kù
Ojú kan náà ni gbogbo púríǹtì ń gbà jáde, ọ̀kan ò lè kọjá kí èyí tó wà níwájú tó kọjá. Ẹ ti to àwọn gòrútìnì yẹn sórí ìlà láìmọ̀, ẹsẹ̀ wọn ò wá bára mu bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹlòmíì tó bá fi púríǹtì sí tiẹ̀, ó tiẹ̀ lè máa fẹ́ẹ̀lì sí i ni. A ò lè mọ ibi tó máa gbà.

Adékóòdù
Ohun tó wá ṣí ojú mi rèé, òun gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Mo jókòó, mo wá ń bi ara mi pé tó bá jẹ́ àárín ìlà méjèèjì yẹn ló wà lóòótọ́, tí mo bá fa àlàfo yẹn gùn, ó yẹ kó máa fẹ́ẹ̀lì nígbà gbogbo. Mo fi ìlà kan ṣoṣo sí i:

```go
	if s.Count() > 0 {
		time.Sleep(time.Millisecond)
		s.Dec()
```

Mo rọ́ọ̀nù ẹ̀. `got -40, want 0`. Mo tún rọ́ọ̀nù ẹ̀, -40. Ẹ̀ẹ̀kẹta, -40. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: ọjà 10, gòrútìnì 50. Gbogbo àádọ́ta ló wò, gbogbo wọn ló rí i pé ọjà wà, gbogbo wọn wá sùn fún mílísẹ́kọ̀n kan, wọ́n jí, kálukú yọ ẹyọ kan. 10 yọ 50 kúrò, -40 náà nìyẹn. Mo dìde lórí àga. Èyí tó ń fẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan nínú 100 ló di ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀kan yẹn, mo sì lè ṣàlàyé nọ́mbà tó ń gbé jáde dé orí ẹyọ kan.

Àtúnṣe wá di nǹkan kékeré, àmọ́ mo kọ́kọ́ ṣì í. Mo gba lọ́ọ̀kù nínú `Take`, mo tún ń pe `Count` nínú ẹ̀, `Count` náà wá fẹ́ gba lọ́ọ̀kù kan náà. Ó dì pa, kò lọ kò bọ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ní `panic: test timed out after 10m0s`. Ẹni tó ti mú lọ́ọ̀kù Go dání ò lè tún un gbà lẹ́ẹ̀kejì. Mo wá kọ ọ́ báyìí:

```go
func (s *Store) Take() bool {
	s.mu.Lock()
	defer s.mu.Unlock()
	if s.n <= 0 {
		return false
	}
	s.n--
	return true
}
```

Mo rọ́ọ̀nù ẹ̀ nígbà 100, ó páàsì pátá, mo gbé e wọlé.

Àǹtí Tẹ́sítà
Ẹ dúró ná, 100 kéré o! Ohun tó ń fẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan nínú 100, kóòdù àtijọ́ tó bàjẹ́ yẹn gan-an lè páàsì nígbà 100 léraléra. Ẹ fi 0.99 ṣe ìlọ́po ara ẹ̀ lọ́nà 100, ẹ máa rí nǹkan bí 0.37. Ìyẹn ni pé téèyàn bá fi kóòdù tó bàjẹ́ ṣe ìdánwò yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lè tàn án jẹ lẹ́ẹ̀kan dáadáa. Tó bá di 300 ó wá ku bí 5 nínú 100, tó bá di 460 ó ku 1. Èmi kì í fọkàn balẹ̀ kí n tó dé 500.

Bàbá Lọ́ọ̀kù
Àǹtí ti sọ òótọ́. Kí ẹ tún dá `Sleep` yẹn padà, nínú kóòdù tuntun, láàárín `if` àti `s.n--`. Ìyẹn lágbára ju 500 lọ lójú tèmi. Tó bá ṣì ń mú òdo wá pẹ̀lú àlàfo tó gùn báyẹn, ẹ mọ̀ pé lọ́ọ̀kù ló ti ilẹ̀kùn náà, kì í ṣe pé oríire ló bá yín.

Adékóòdù
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe méjèèjì báyìí. 1000 láìsí `Sleep`, 1000 pẹ̀lú `Sleep`, òdo ni gbogbo ẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Ọmọ Jáfà
Nítorí náà ẹ fi 1000 yẹn sílẹ̀ kó máa rọ́ọ̀nù nígbàkigbà tẹ́nì kan bá gbé kóòdù wọlé. Kò gbọdọ̀ tún padà.

Àǹtí Tẹ́sítà
Rárá o, gbogbo èèyàn á máa dúró dè é, wọ́n á bínú pa á nígbà tó bá yá. Ẹ jẹ́ kó máa rọ́ọ̀nù lóru nìkan.

Ọmọ Jáfà
Tó bá dòwúrọ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀, èèyàn mẹ́wàá ti gbé tiwọn lé e lórí, ta ló fẹ́ wá ẹni tó bà á jẹ́? Èmi ò gbà.

Bàbá Lọ́ọ̀kù
@Adékóòdù, ìbéèrè kan kù tí mo fẹ́ bi yín. Sáfà mélòó ló ń rọ́ọ̀nù kóòdù yìí? Lọ́ọ̀kù yẹn ò rí ju inú sáfà tó wà lọ.

Adékóòdù
Méjì ni sà. Ẹyọ kan ló wà nígbà tá a kọ ọ́. Iye ọjà yẹn, inú dátábéèsì la ti ń kó o wá, a tún ń kọ ọ́ padà síbẹ̀ lẹ́yìn `Take`.

Bàbá Lọ́ọ̀kù
Àlàfo kan náà ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn, àárín sáfà méjèèjì ló kó lọ. Ẹ jẹ́ kí dátábéèsì fúnra ẹ̀ wò kó sì yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà:

```sql
UPDATE stock SET n = n - 1 WHERE id = 7 AND n > 0;
```

Kí ẹ wá wo iye ìlà tó yí padà. Tó bá jẹ́ 1, ẹ ti rí ọjà mú. Tó bá jẹ́ 0, ó ti tán.

Adékóòdù
Yéè. Tẹ́ẹ̀sì wa ò tiẹ̀ dé ibẹ̀ rárá, sáfà kan ló mọ̀. Màá kọ èyí tó tú sáfà méjì sílẹ̀ lórí dátábéèsì kan láàárọ̀ ọ̀la, màá fi `Sleep` sáàárín kíkà àti kíkọ, kí n wo nọ́mbà tó máa gbé jáde.