Kí ni ká pe rétíǹgì ṣẹ́ẹ̀sì?

Ìbéèrè: "Ẹ̀yin àgbà, mò ń túmọ̀ ìwé ìléwọ́ ṣẹ́ẹ̀sì kan. Kí ni kí n pe rétíǹgì, nọ́ńbà tó ń fi bí ẹnì kan ṣe mọ̀ ọ́n ta tó hàn? 'Ipò' ni mo kọ́kọ́ kọ. Kí sì ni kí n pe ohun tí àlàfo 200 láàárín ẹni méjì ń sọ tẹ́lẹ̀?"

Olùkọ́ èdè: Ẹ yọ "ipò" kúrò. Èèyàn kan ṣoṣo ló ń wà ní ipò kìíní, ṣùgbọ́n ogún èèyàn lè ní 1600 pa pọ̀. Ẹ kọ "ìwọ̀n ọ̀ta". Nídìí ọpọ́n ayò, ọ̀ta lẹni tó mọ̀ ọ́n ta, òpè lẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta. Ti àlàfo yẹn, ẹ pè é ní "àǹfààní láti borí": 76 nínú 100 ni fún ẹni tó fi 200 ju ẹnì kejì lọ.

Adájọ́ ìdíje: Ẹ̀gbọ́n, mo gba ìwọ̀n ọ̀ta tọwọ́tẹsẹ̀. Èkejì yẹn ni mi ò lè gbà, torí ọ̀mì wà nínú 76 yẹn. Ká ní ẹni 1800 bá ẹni 1600 ta á nígbà 100. Ó borí ní 60, wọ́n ta ọ̀mì ní 32, ó pàdánù 8. Máàkì 1 ni a ń gbà bí a bá borí, ìdajì ni fún ọ̀mì, nítorí náà 60 pẹ̀lú ìdajì 32 jẹ́ 76. Bó bá borí ní 76 tó sì pàdánù 24, 76 náà ni. Àlàfo kò sọ èwo nínú méjèèjì ni yóò ṣẹlẹ̀. "Máàkì ìrètí" ni mo máa ń pè é.

Ara rẹ̀ náà ni ìyípadà ìwọ̀n ọ̀ta ti ń wá. Bí ẹni 1800 bá borí, máàkì 1 ló gbà, 0.76 là ń retí, ó ku 0.24. Ní FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, a ó fi 20 sọ ọ́ di púpọ̀ fún àgbàlagbà tí kò tíì dé 2400 rí: ó jèrè 4.8. Ọ̀mì á mú 5.2 kúrò lára rẹ̀. Bó bá pàdánù, 15.2 ló lọ.

Òbí kan: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ọdún 12 ló ní 1600 yẹn, ó sì borí ẹni 1800. 30.4 ni wọ́n fún un, 15.2 ni wọ́n yọ lára ẹnì kejì. Ṣé wọn ò ṣe é ní mágòmágó báyìí?

Adájọ́ ìdíje: Rárá o, ìyá wa. 40 là ń fi sọ tirẹ̀ di púpọ̀, torí kò tíì pé 18, kò sì tíì dé 2300. Máàkì ìwọ̀n ọ̀ta kì í ti àpò ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ìwé náà sọ pé "ó jẹ máàkì rẹ̀".

Olùkọ́ èdè: Mo gbà lórí ọ̀mì. Ṣùgbọ́n òpè náà ní ìrètí pé òun á borí! "Ìpín" ńkọ́?

Ọ̀dọ́ kan: Ṣebí "Elo" ni wọ́n ń pè é? Ẹ jẹ́ ká kúkú kọ "èló" tiwa.

Adájọ́ ìdíje: Àbúrò, orúkọ èèyàn ni: Arpad Elo, ọmọ Họ́ńgárì tó kọ́ni ní físíìsì ní ìlú Milwọ́kì. Àmọ́ nídìí tábìlì, "Èló lo ní?" làwa náà ń bi ara wa.

Olùbéèrè: Ìwọ̀n ọ̀ta ti wọlé. Mo kọ "ìpín" àti "máàkì ìrètí" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ná.